Lẹ́tà sí Báńkì: Bí Ìyá Olómi Ṣe Tún Gbèsè Rẹ̀ Tò

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa ní Òmù-Àrán

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Èdùmàrè yóò jẹ́ kí a tún péjọ ṣe ogún.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n sọ nípa owó. Mo bi wọ́n pé owó wo, nítorí oríṣi owó pọ̀. Akọ̀wé wa rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ èyí tí ẹ ṣe fún Ìyá Olómi.” Mo gba àyè lọ́wọ́ obìnrin náà kí n tó gbà. Ó ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ báńkì náà. Nítorí náà, Ìyá Olómi ni a ó máa pè é lónìí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wo apá ibi tó jókòó sí.

Àbúrò wa yìí ní ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní píọ̀wọ́tà. Ní ìparí ọdún 2022 ó yá owó tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 12 náírà lọ́wọ́ báńkì láti ra ẹ̀rọ tó ń di omi sínú ọ̀rá, láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kejì, àti láti ra ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù kan. Wọ́n fún un ní oṣù 36 láti san án. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, owó tí ó sì ń san lóṣooṣù jẹ́ nǹkan bíi ₦480,000. Ọ̀kan nínú àwa tí a jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí ló ṣe onídùúró fún un. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo máa padà sí i.

Ó san owó náà fún oṣù 18 láìyẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan yí padà láàárín àkókò náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí báńkì ń tà ní nǹkan bíi ₦460 tẹ́lẹ̀ di ohun tó ju ₦1,000 lọ kí ó tó pé ọdún kan. Inú epo rọ̀bì àti gáàsì ni ohun tí a fi ń ṣe ọ̀rá omi ti ń wá, iye dọ́là ló sì ń darí owó rẹ̀ lọ́jà. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa náà ń gbé èlé tirẹ̀ sókè. Ìdá 16.5 ni ó wà nígbà tí Ìyá Olómi yá owó. Nígbà tí yóò fi di oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ó ti di ìdá 26.25. Báńkì tirẹ̀ bá gbé èlé rẹ̀ láti 24 sí 30, ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí sì fún wọn láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí i pé láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, ₦502,000 ni yóò máa san lóṣooṣù. Gbèsè tó kù jẹ́ mílíọ̀nù 7.2, oṣù tó kù sì jẹ́ 18.

Àárín oṣù Karùn-ún ló wá sílé mi. Kò tíì jẹ báńkì ní kọ́bọ̀ tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọ̀rá ló fi san ti oṣù Kẹrin. Ó ti kọ lẹ́tà kan, ó sì mú un lọ́wọ́. Mo kà á. Ojú ìwé méjì ni. Ó sọ ti ọkọ rẹ̀ tó kú, ti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ti bí ìlú ṣe le, ó sì fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi sísan owó fún oṣù mẹ́fà.

Mo ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀yáwó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń dé orí tábìlì mi, ó sì máa ń dun èèyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ báńkì lè fi ṣe, nítorí òun kọ́ ló ni owó. Ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé tirẹ̀ sí ọ̀gá ní Ìlọrin tàbí ní Èkó, ìwé náà yóò sì bèèrè ohun kan ṣoṣo: ibo ni owó tí wọ́n máa fi san án yóò ti wá, àti nígbà wo? Lẹ́tà Ìyá Olómi kò ní ìdáhùn kankan sí ìyẹn.

Ohun tó bèèrè pàápàá ì bá ṣe é ní jàǹbá. Tí kò bá san nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà, èlé kò ní sinmi. Ìdá 2.5 lóṣù kan lórí mílíọ̀nù 7.2 jẹ́ ₦180,000. Èlé náà yóò máa gun orí gbèsè, èlé mìíràn yóò sì tún máa gun orí èlé. Nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé, gbèsè náà yóò ti lé ní mílíọ̀nù 8.3. Ó máa sinmi tán, ẹrù tó máa bá nílẹ̀ yóò sì wúwo ju èyí tó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Mo ní kí ó lọ kó ìwé títà rẹ̀ wá, ti ọdún kan gbáko, pẹ̀lú rísíìtì ọ̀rá àti sítétímẹ́ǹtì báńkì. Ọjọ́ Sátidé méjì la fi jókòó sí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a ya ohun tó tà sọ́tọ̀ kúrò lára owó tó gbà. Inú ìwé rẹ̀, gbogbo àpò omi tó bá ti kúrò ní ọgbà ni ó ń kọ sílẹ̀ pé òun ti tà. Ṣùgbọ́n àwọn onísọ́ọ̀bù ń gbà á láwìn, àwọn mìíràn kì í sì í san àfi lẹ́yìn oṣù méjì. Owó àwìn kì í san gbèsè báńkì. Nítorí náà a pa gbogbo àwìn rẹ́, a ka kìkì àpò tí owó rẹ̀ ti wọlé. Nígbà tí a fi ìyẹn wé sítétímẹ́ǹtì, wọ́n bára mu dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Òṣìṣẹ́ báńkì yóò fi ìwé yín wé àkáǹtì yín, yóò sì tún wo rísíìtì ọ̀rá yín, nítorí pé ẹni tí kò ra ọ̀rá púpọ̀ kò lè ta omi púpọ̀. Bí ó bá rí irọ́ kan péré níbẹ̀, kò ní gba èyí tó kù gbọ́.

Ohun kejì ni iye tí àpò kan ń mú wọlé. Ó ń ta àpò kan, ọ̀rá 20 nínú rẹ̀, ní ₦280 fún àwọn tó ń gbà á lọ tà. Ọ̀rá kéékèèké àti àpò ńlá tí a fi ń kó wọn jẹ́ ₦135. Iná àti dísẹ́ẹ̀lì jẹ́ ₦35, owó àwọn tó ń di í jẹ́ ₦14, owó epo ọkọ̀ akẹ́rù jẹ́ ₦16. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦200. Ohun tó kù lórí àpò kan jẹ́ ₦80. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìnáwó kan wà tí kò yẹ̀ bóyá ó tà tàbí kò tà: owó oṣù akọ̀wé àti ọlọ́dẹ, àtúnṣe ẹ̀rọ, owó àyẹ̀wò omi, owó tí a ń tọ́jú de ìwé àṣẹ NAFDAC, àti owó oṣù tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ fo owó oṣù tirẹ̀ kí ìṣirò lè dára. Mo kọ̀. Ẹni tí kò bá kọ owó oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ yóò ṣáà jẹun, inú owó báńkì ni yóò sì ti mú un. Gbogbo ìnáwó yìí jẹ́ ₦280,000 lóṣù.

Ohun kẹta ló ṣí wa lójú. A to àpò tó tà lóṣooṣù sórí ìlà kan ṣoṣo, ohun tó fara hàn kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ń kú. Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ló fara hàn. Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹrin, nígbà tí ọyẹ́ bá gba ìlú tí oòrùn sì ń ta, nǹkan bí àpò 12,000 ni owó rẹ̀ ń wọlé lóṣù kan. Láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹsàn-án, àwa ará ilé ń gbe omi òjò láti orí páànù, ara ò gbóná, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń lọ sílé fún ìsinmi. Àpò 5,000 péré ni. Oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹwàá wà láàárín, 8,000. Báńkì ń gba iye kan náà lójò lẹ́ẹ̀rùn lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kì í wọlé ní iye kan náà.

Ẹ wo bí owó tó ń ṣẹ́ kù ṣe rí, lẹ́yìn gbogbo ìnáwó, kí ó tó san kọ́bọ̀ fún báńkì, àti ohun tí a bẹ̀ pé kí ó máa san:

Oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án: ó ń ṣẹ́ ₦120,000 kù lóṣù, yóò san èlé nìkan, ₦180,000 lóṣù ní ọdún àkọ́kọ́.
Oṣù Kẹwàá: ó ń ṣẹ́ ₦360,000 kù, yóò san ₦300,000.
Oṣù Kọkànlá sí Kẹrin: ó ń ṣẹ́ ₦680,000 kù lóṣù, yóò san ₦550,000 lóṣù.
Oṣù Karùn-ún: ó ń ṣẹ́ ₦360,000 kù, yóò san ₦300,000.

Bí ẹ bá ro ohun tó ń ṣẹ́ kù pọ̀ lọ́dún kan, ó jẹ́ ₦5,280,000. Ohun tí báńkì ń fẹ́, ₦502,000 lọ́nà 12, jẹ́ ₦6,024,000. Kò ṣeé ṣe, bó ti wù kí obìnrin náà ṣiṣẹ́ tó. Ṣùgbọ́n lọ́nà tí a tò ó yìí, ₦4,620,000 ni yóò san lọ́dún àkọ́kọ́, ₦660,000 yóò sì kù fún ohun àìròtẹ́lẹ̀. Ẹ ó rí i pé oṣù òjò ṣì fi ₦60,000 dín lóṣooṣù, ₦240,000 fún oṣù mẹ́rin. Kì í ṣe ohun tí a lè fi pamọ́. A kọ ọ́ sínú lẹ́tà, a sì kọ ibi tí yóò ti wá: ₦350,000 tó kó jọ lọ́wọ́ àwọn onígbèsè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, tó sì ti wà nínú àkáǹtì.

Lẹ́tà náà kò ju ojú ìwé kan lọ, ìṣirò wà ní ojú ìwé kejì. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Sí Mánéjà. Mo ń kọ̀wé yìí lórí owó tí mo yá ní ìparí ọdún 2022, nọ́ńbà àkáǹtì àti ọjọ́ ìwé àdéhùn rẹ̀ wà lókè. Mo ti san án nígbà 18 láìpẹ́ ọjọ́. Mílíọ̀nù 7.2 ló kù. Mo ń bẹ̀bẹ̀ ohun kan: kí sísan rẹ̀ máa tẹ̀lé àsìkò tí omi ń tà, èlé nìkan láti oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án, àti owó tó pọ̀ sí i ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọjọ́ tí yóò parí sì sún láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025 sí oṣù Kejìlá ọdún 2026. Èmi kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fojú fo èlé tàbí ojú owó kankan. Ohun tó fà á ni pé owó ọ̀rá àti èlé ti gbówó lé mi lórí, ìṣirò oṣù 12 tó wà nísàlẹ̀ sì fi hàn pé mi ò lè san ₦502,000 ní àsìkò òjò. Láti ìsinsìnyí, gbogbo owó ọjà mi yóò máa gba inú àkáǹtì yín kọjá. Mi ò ní ta àwìn tó ju ọjọ́ 14 lọ mọ́. Ní ìparí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, màá mú ìwé títà mi wá kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Onídùúró mi ti mọ̀ sí i.”

A wá kọ ìpínrọ̀ kan sí i tí Ìyá Olómi kò kọ́kọ́ fẹ́. A kọ ibi tí ètò náà ti lè fọ́. Àpò tó ń tà lọ́dún jẹ́ 108,000. Bí ọ̀rá bá fi ₦5 gbówó lórí àpò kan tí kò sì fi nǹkan kan lé owó tó ń tà á, yóò ṣì lè san. Bí ó bá ju ₦6 lọ, ₦660,000 tó ṣẹ́ kù yóò tán, kò sì ní lè san mọ́ àfi tí ó bá fi owó lé ọjà rẹ̀. A kọ ọ́ pé tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, yóò fi ₦10 lé àpò kan. Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé a kì í ṣe pé à ń fún wọn ní ohun tí wọ́n máa fi kọ̀ wá?” Mo ní rárá. Òṣìṣẹ́ báńkì mọ̀ pé ọ̀rá lè gbówó sí i. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, yóò rò pé ẹ kò mọ̀.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ ohun tí ètò yìí ná an, kí ẹnikẹ́ni má rò pé báńkì ń ṣe saara. Tí ó bá san án bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo owó tí yóò san láti oṣù Kẹfà náà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.03. Lọ́nà tuntun, ó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.41. Ìyàtọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 1.4. Owó tí ó fi ra oṣù 13 nìyẹn. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá lè san ìyàtọ̀ yẹn, ètò yìí kò yẹ ẹ́. Kí ó tètè ta ọkọ̀ akẹ́rù tàbí ẹ̀rọ kan kí gbèsè lè dín kù.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí mo fi lé e pé kí ó mú lẹ́tà náà lọ kí oṣù Karùn-ún tó parí? Òfin Báńkì Àpapọ̀ ni pé bí owó tó yẹ kí a san bá ti pẹ́ ju ọjọ́ 90 lọ láìsan, báńkì gbọ́dọ̀ kọ gbèsè náà sí ara àwọn tí kò dára. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ya owó tiwọn sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní àkọ́kọ́, ìdá 50 bí ó bá kọjá ọjọ́ 180, gbogbo rẹ̀ pátá bí ó bá kọjá ọjọ́ 360. Orúkọ yín yóò sì ti wà lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ gbèsè, tí báńkì mìíràn máa ń wò kí wọ́n tó yá yín lówó. Kí ọjọ́ 90 tó pé, òṣìṣẹ́ báńkì ń jàǹfààní tí ó bá ràn yín lọ́wọ́, nítorí pé ìwé tirẹ̀ náà yóò mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ̀ka tó ń gba gbèsè ni ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀, àwọn lọ́yà sì wà nítòsí. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Mánéjà kà á, ó pe Ìyá Olómi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi í, ìdáhùn gbogbo wọn sì wà lójú ìwé kejì. Ó wá sí ọgbà, ó ka àpò omi tó wà nílẹ̀, ó wo ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé dé pé wọ́n gbà á, pẹ̀lú owó iṣẹ́ tó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ₦72,000, tí a kò fi sínú ìṣirò wa. Inú ₦350,000 yẹn ló ti jáde. Nítorí náà, ẹ máa bèèrè owó iṣẹ́ báńkì kí ẹ tó ṣe ìṣirò yín. Àṣìṣe tèmi ni.

Wọ́n sì ní kí onídùúró wá fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibí ni mo ní kí ẹ rántí. Ẹni tó bá ṣe onídùúró fún gbèsè oṣù 36, gbèsè oṣù 36 ló fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá yí àdéhùn padà láìsọ fún un, ó lè sọ pé òun kò sí nínú rẹ̀ mọ́, báńkì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ wa náà gbọ́ ọ láti ẹnu Ìyá Olómi kí báńkì tó pè é, a sì fi ìṣirò hàn án ní pálọ̀ mi. Ó wò ó pẹ́, ó ní, “Òjò mẹ́ta ni mo máa dúró dè.” Ó fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé inú lẹ́tà lọ́yà ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni, bóyá ẹgbẹ́ wa kò ní pé báyìí lónìí.

Òjò àkọ́kọ́ kọjá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ẹ̀rọ tó ń di omi bàjẹ́, kò sì lè san ₦550,000 lọ́jọ́ rẹ̀. Ó pe mánéjà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó sọ ọjọ́ tí yóò san án, ó sì san án lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ pé, gbèsè tó kù lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 4.5. Ó ku òjò méjì nígbà yẹn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí irú rẹ̀ bá ń bọ̀ wá bá ẹnikẹ́ni nínú wa, ẹ má dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwé títà ọdún kan, sítétímẹ́ǹtì báńkì àti rísíìtì ni kí ẹ kó wá. Ọjọ́ Sátidé méjì tó fún wa. Ilé mi kò jìnnà, ẹ sì mọ ibẹ̀.